Fóònù, Oúnjẹ àti Awakọ̀: Kí ni Òfin Sọ nípa Fóònù tí a kò Fọwọ́ Mú?

Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, aṣọ ni mo sì ń tà. N kì í ṣe lọ́yà, n kì í ṣe ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń wa ọkọ̀ láti ìhín lọ ra ọjà ní Ìbàdàn, ohun tí ojú mi sì ti rí lójú ọ̀nà ni ẹgbẹ́ ní kí n wá sọ.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ara mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ti kọjá Lọ́kọ́ja, mo ń bọ̀ ní Àbújá. Ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ki wáyà fóònù bọ etí, ọwọ́ mi méjèèjì wà lórí sítíárìn, ojú mi sì ń wo iwájú. Ẹni tí mo ń ra léèsì lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn ni a jọ ń sọ̀rọ̀. Ó fẹ́ fi owó lé iye tí a ti jọ pinnu, èmi náà sì ń ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí. Tírélà kan ti kú sójú ọ̀nà níwájú, kí a tó dé Abájí. Àwọn tó ni ín ti ṣe bí a ti máa ń ṣe: wọ́n ṣẹ́ ewé tútù, wọ́n tò ó sílẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ náà.

Mo rí ewé yẹn o. Ojú mi méjèèjì ni mo fi rí i. Ṣùgbọ́n kò sọ ohunkóhun fún mi, àfi bí ẹni pé atẹ́gùn ló gbé e wá síbẹ̀. Ìgbà tí ọmọ náà kígbe pé, "Bàbá, tírélà!" ni mo tó já sítíárìn sí ẹ̀gbẹ́ koríko. Ọlọ́run ló yọ wá. Ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀ kò mọ nǹkan kan, ó ṣì ń ka iye owó léèsì sí mi létí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi pé, nígbà tí ọwọ́ mi kò ṣe nǹkan mìíràn, tí ojú mi sì là, kí ló wá ṣe mí? Ọkàn mi ni kò sí nínú ọkọ̀. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Yútà ní Amẹ́ríkà ti dán irú èyí wò, wọ́n sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2006. Wọ́n kó 40 ènìyàn jọ sídìí ẹ̀rọ tí a ṣe bí ọkọ̀, àwọn kan di fóònù mú, wọ́n sì tún lo èyí tí a kò fọwọ́ mú. Bí ẹsẹ̀ wọn ti pẹ́ kí ó tó kan búréèkì, ọ̀kan náà ni, ìyàtọ̀ kò sí láàárín méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ bí a ti ń ṣírò ọjà. Ọkọ̀ tí ó ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí kan, mítà 22 ni ó ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìwé òfin ọ̀nà àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ pé láti ìgbà tí awakọ̀ ti rí ewu títí ọkọ̀ yóò fi dúró lórí ìwọ̀n eré yìí, mítà 53 ni, ìyẹn bí ọ̀nà bá gbẹ tí búréèkì sì dára. Bí ọkàn rẹ bá wà ní Ìbàdàn, tí ó fi ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo pẹ́ kí ó tó padà, o ti fi mítà 22 kún un, ó di 75. Bí wọ́n bá to ewé sílẹ̀ ní mítà 60 sí tírélà, ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà lọ́nà yóò dúró kí ó tó kàn án. Onífóònù yóò wọ abẹ́ rẹ̀.

Ẹlòmíràn yóò ní, ṣebí a máa ń bá ẹni tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa sọ̀rọ̀? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ ń wo ọ̀nà pẹ̀lú rẹ. Bí ó bá rí ewu, yóò dákẹ́ tàbí kí ó pariwo, bí ọmọ yẹn ti ṣe. Ẹni tí ó wà ní Ìbàdàn kò rí tírélà.

Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún ọmọ mi tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá mi, lọ́dọ̀ wa níhìn-ín òfin gbà á, bí ẹ kò bá ti fọwọ́ mú un." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá 2003 ni wọ́n ti kọ̀ fún awakọ̀ láti di fóònù mú. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta 2022 wọ́n tún fún òfin náà ní agbára sí i, tí ó fi jẹ́ pé bí o bá dì í mú láti ya fọ́tò tàbí láti wá orin, o ti rú òfin. Owó ìtanràn rẹ̀ jẹ́ £200 pẹ̀lú àmì ẹ̀ṣẹ̀ 6 lórí láísẹ́ńsì. Ẹni tí kò tíì pé ọdún méjì tí ó yege ìdánwò ọkọ̀, àmì 6 yẹn tó láti gba láísẹ́ńsì lọ́wọ́ rẹ̀. Fóònù tí a kò fọwọ́ mú ni wọn kò kà léèwọ̀. Síbẹ̀, bí ọlọ́pàá bá rí i pé ọkọ̀ kò sí ní ìkáwọ́ rẹ dáadáa nítorí ọ̀rọ̀ tí o ń sọ, ó lè gbé ọ lọ sí kóòtù.

Ní tiwa níhìn-ín, àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó tí òfin 2007 fún ní agbára ní ìwé tí wọ́n to ẹ̀ṣẹ̀ sí. Orúkọ èyí nínú rẹ̀ ni "lílo fóònù nígbà tí a ń wakọ̀". Ìtanràn rẹ̀ jẹ́ ₦4,000 àti àmì 4. Ẹ gbọ́ orúkọ náà dáadáa: lílo ni, kì í ṣe dídì mú. Orúkọ yẹn kò ya wáyà etí sọ́tọ̀, kò sì ya èyí tí ń dún nínú rédíò ọkọ̀ sọ́tọ̀. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má gbé òfin Lọ́ńdọ̀nù wá sí ọ̀nà Kùbwá, kí ó sì máa bá ẹ̀ṣọ́ jiyàn pé ọwọ́ òun ṣófo.

Ní ti oúnjẹ, kò ní orúkọ tirẹ̀ nínú ìwé yẹn. Ṣùgbọ́n bí o bá ń jẹ bọ̀lì, tí ó gbóná, tí ó bọ́ sórí itan rẹ, tí o tẹ̀ba láti gbé e tí ọkọ̀ sì ya bàrá, ìwakọ̀ eléwu ni wọn yóò kọ sí ọ lọ́rùn: ₦50,000 àti àmì 10. Èyí tí ó ní epo ni mo kórìíra jù, nítorí sítíárìn a máa yọ̀ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Àwọn ará Èkó tilẹ̀ dárúkọ kíka owó lórí ìrìn nínú òfin ìrìnnà tí wọ́n ṣe ní 2012. Ẹ̀yin oníbọ́ọ̀sì wa ti Ñyáǹyà, ẹ mọ ohun tí mo ń sọ.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má bínú sí mi, àwa tí a wà nílé ni a ń pè wọ́n. Bí ọkọ bá ti kúrò ní Gwagwaládà, a ó pè é pé níbo ló dé; bí kò bá gbé e, a ó tún pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́nu wa jẹ́ "Ṣé ẹ wà lórí ọkọ̀?" Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ pa á.

Ní tèmi, kí n tó kúrò ní Ìbàdàn ni mo ń pe gbogbo ẹni tí ó bá yẹ kí n pè. Fóònù a wà lọ́wọ́ ọmọ mi tí ń kọ́ṣẹ́, òun ni ó ń sọ pé, "Ọ̀gá wà lórí sítíárìn, wọn yóò pè yín bí a bá dúró." Bí ó bá jẹ́ èmi nìkan, inú búùtù ni mo ń jù ú sí. A máa ń dúró nílé epo ní Lọ́kọ́ja, kì í ṣe ní etí ọ̀nà tí tírélà ti lè gbá wa láti ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun, ibẹ̀ náà ni mo ti ń dá ìpè padà. Ẹni tí ń ta léèsì fún mi bínú nígbà àkọ́kọ́, ó ta ẹrù náà fún ẹlòmíràn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó tún ní òmíràn.