Ta ló ba ẹ̀wà jẹ́? Bí a ṣe lè dín ọ̀rọ̀ kù nínú ìròyìn òwò tí wọ́n túmọ̀

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, àti gbogbo wa tá a jọ ń tajà ní Kánò níbí, ádímìn yín ló ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò bá ráyè gbọ́ ohùn mi, ẹ ka èyí tí wọ́n kọ sílẹ̀ yìí.

Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìròyìn òwò ẹ̀wà wa jáde. Gẹ̀ẹ́sì ni akọ̀wé fi kọ ọ́, nítorí àwọn tá a jọ ń ra ẹ̀wà ní Dáwánaù kì í ka Yorùbá. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa wá túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn àgbà. Gbólóhùn kan tó wà nínú rẹ̀ rèé:

"Ìbàjẹ́ àpò ẹ̀wà 12 ni a ṣe àwárí rẹ̀ láti ọwọ́ alámòójútó sítọ́ọ̀ lẹ́yìn tí ṣíṣe àyẹ̀wò ti wáyé."

Bí wọ́n ṣe kà á sókè, ìyá kan dìde, ó ní, "Ṣé ẹ gbọ́? Láti ọwọ́ alámòójútó ni ẹ̀wà ti bàjẹ́! Kó san owó wa!" Ilé dàrú. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ bàbá náà. Bẹ́ẹ̀, òun gan-an ló rí kòkòrò nínú ẹ̀wà tó sì wá sọ fún wa. Kò ba nǹkan kan jẹ́. Gbólóhùn yẹn ló fẹ́ bà á lórúkọ jẹ́.

Mo gbé ìròyìn náà lọ sílé, mo fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo fi Yorùbá sí ẹ̀gbẹ́ kejì, mo tún un kọ. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Àkọ́kọ́, ẹ wá ibi tí iṣẹ́ sá pamọ́ sí. Gẹ̀ẹ́sì ọ́fíìsì fẹ́ràn kó sọ iṣẹ́ di orúkọ. Tí a bá túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, a ó máa gbọ́ "ṣe àwárí" dípò "rí", "ṣe àyẹ̀wò" dípò "yẹ̀ wò", "ṣe ìpinnu" dípò "pinnu", "ṣe àfikún" dípò "fi kún". Ibi tí ẹ bá ti rí "ṣe" àti orúkọ kan lẹ́yìn rẹ̀, tàbí tí ẹ rí "wáyé", ẹ dúró. Ẹ bi ara yín pé: kí ni wọ́n ṣe gan-an? Ẹ mú ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yẹn jáde. Nínú gbólóhùn wa, iṣẹ́ mẹ́ta ló wà: ẹ̀wà bàjẹ́, wọ́n yẹ ẹrù wò, ẹnì kan rí i.

Èkejì, "láti ọwọ́". Gẹ̀ẹ́sì lè gbé ohun tí wọ́n ṣe síwájú, kó wá fi ẹni tó ṣe é sẹ́yìn. Yorùbá tiwa kì í sábà sọ̀rọ̀ báyẹn. Ẹni tó ṣe é ló máa ń ṣíwájú. Tí a bá wá fi "láti ọwọ́" lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí gbólóhùn, ẹni tó ń gbọ́ kò ní mọ̀ bóyá ìrírí ni ó wá láti ọwọ́ bàbá náà ni, àbí ìbàjẹ́. Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. "Ni" tó wà láàárín náà tún dá kún un. Tá a bá ní "owó ni a san", ó dà bíi pé ẹnì kan ti ní kì í ṣe owó. Tí kò bá sí ẹni tó ń jiyàn, ẹ yọ "ni" kúrò.

Mo wá kọ ọ́ báyìí: "Nígbà tí wọ́n yẹ ẹrù wò, alámòójútó sítọ́ọ̀ rí i pé àpò ẹ̀wà 12 ti bàjẹ́."

Ọ̀rọ̀ 19 ti di 16. Ìyẹn kéré lójú, àmọ́ ọmọdé á gbọ́ ọ. Ẹ wo "wọ́n yẹ ẹrù wò" yẹn dáadáa. Mi ò kọ pé alámòójútó ló yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí Gẹ̀ẹ́sì kò sọ ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó sọ ẹni tó rí i nìkan.

Ibẹ̀ ni ohun kẹta ti wọlé, èmi fúnra mi ṣìṣe níbẹ̀. Gbólóhùn mìíràn sọ pé: "Ìsanwó ọkọ̀ tí iye rẹ̀ jẹ́ ₦850,000 ni a ṣe." Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò dárúkọ ẹni tó san án. Mo rò pé mo gbọ́n, mo kọ pé: "Akápò san ₦850,000 fún ọkọ̀." Ó kúrú, ó dùn ún gbọ́, irọ́ ni. Alága ló fi owó àpò ara rẹ̀ san án kí ọkọ̀ lè gbéra lọ sí Bódìjà, a ò sì tíì dá a padà fún un. Ká ní akọ̀wé kò pè mí ni, mo ti fi ọ̀rọ̀ márùn-ún pa gbèsè ₦850,000 rẹ́. "A" tó wà nínú ti àkọ́kọ́ náà kò dára, torí ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé gbogbo wa la san án. Tí ìwé kò bá dárúkọ ẹnì kankan, ẹ lo "wọ́n": "Wọ́n san ₦850,000 fún ọkọ̀." Tí ẹ bá fẹ́ dárúkọ, ẹ wo rìsíìtì tàbí kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́. Ẹ má fi ẹnu ara yín fi orúkọ sí i.

Ìkẹrin, ohun tí wọ́n dábàá kò tíì di ohun tí wọ́n ṣe. Ìròyìn náà ní: "Àbá ìgbìmọ̀ ni pé kí títa àpò tó kù jẹ́ ṣíṣe kí òjò tó bẹ̀rẹ̀." Ẹ kọ ọ́ pé: "Ìgbìmọ̀ dábàá pé kí a ta àpò tó kù kí òjò tó bẹ̀rẹ̀." Tí ẹ bá gé e di "A ó ta àpò tó kù," ẹ ti bá ìpàdé ṣe ìpinnu tí ìpàdé kò tíì jókòó lé lórí.

Kì í ṣe gbogbo orúkọ la ó lé lọ o. Èrè, gbèsè, àdéhùn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, orúkọ nǹkan ni wọ́n. "Ìpinnu oṣù kìíní ṣì dúró" dára bó ṣe wà, torí ìpinnu yẹn gan-an la ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Tí ẹ bá gé e tán, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ wo nǹkan mẹ́rin: ta ló ṣe é, mélòó ni, ìgbà wo ni, ṣé wọ́n ti ṣe é àbí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dábàá rẹ̀. Tí ọ̀kan bá yí padà, ẹ dá ọ̀rọ̀ tí ẹ gé padà. Lẹ́yìn náà, ẹ kà á sókè fún ẹnì kan tí kò sí ní ìpàdé, kí ẹ ní kó sọ ohun tó gbọ́. Mo ka tiwa fún ìyá tó dìde lọ́jọ́ yẹn. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Àṣé bàbá yìí ló gba ìyókù sílẹ̀." Ó lọ kí i ní sítọ́ọ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ìròyìn ọkọ̀ àlùbọ́sà ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi tún un kọ, kó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi.