Gíráàfù Ìyípadà àti Gíráàfù Ìpín: Bí Iye Ènìyàn Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ Ṣe Yẹ Kó Hàn Nínú Àwòrán

Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 1991, nǹkan bí mílíọ̀nù 3.5 ènìyàn ni wọ́n kà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Nígbà tí wọ́n tún kà wọ́n ní ọdún 2006, iye náà ti di mílíọ̀nù 5.6. Ìbéèrè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nínú iye yìí. Ọ̀kan ń béèrè bí èrò Ọ̀yọ́ ṣe pọ̀ sí i láàárín ọdún 15. Èkejì ń béèrè ìdá tí Ọ̀yọ́ kó nínú gbogbo èrò gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Gíráàfù tó dáhùn ọ̀kan dáadáa kì í sábà lè dáhùn èkejì.

Ọmọ ilẹ̀ Sìkótílàǹdì kan, William Playfair, ni wọ́n mọ̀ sí ẹni tó kọ́kọ́ tẹ irú gíráàfù méjèèjì jáde. Ní ọdún 1786, ó fi ilà tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ hàn bí òwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń yí padà lọ́dọọdún. Ní ọdún 1801, nígbà tó fẹ́ fi hàn bí ilẹ̀ Ìjọba Tọ́kì ṣe pín sí Éṣíà, Yúróòpù àti Áfíríkà, kò lo ilà mọ́. Ó ya òbìrìkítí kan, ó sì gé e sí ọ̀nà mẹ́ta. Ọdún máa ń tẹ̀ lé ara wọn bí ìgbà tí ènìyàn ń rìn lójú ọ̀nà, nítorí náà ilà bá a mu. Ìpín, ní tirẹ̀, dà bí iṣu tí wọ́n gé: gbogbo ègé gbọ́dọ̀ padà di odindi iṣu náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún 1991 àti 2006 fi ìyàtọ̀ yìí hàn kedere. Gbogbo gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ní nǹkan bí mílíọ̀nù 17.5 ènìyàn ní 1991. Ní 2006, ó ti di mílíọ̀nù 27.7. Ìdá Ọ̀yọ́ nínú ti 1991 jẹ́ 19.8 nínú ọgọ́rùn-ún; nínú ti 2006, ó jẹ́ 20.1. Òbìrìkítí ní dígírì 360, nítorí náà ègé Ọ̀yọ́ á fẹ̀ tó dígírì 71 nínú àwòrán àkọ́kọ́, á sì fẹ̀ díẹ̀ ju 72 lọ nínú èkejì. Kò sí ojú tó lè rí ìyàtọ̀ dígírì kan ṣoṣo. Ẹni tó bá gbé gíráàfù róbótó méjèèjì síwájú á gbà pé kò sí ohun tó yí padà ní Ọ̀yọ́, bẹ́ẹ̀ ènìyàn mílíọ̀nù méjì àti díẹ̀ ló ti kún un. Ilà tó bẹ̀rẹ̀ ní 3.5 tó sì gòkè dé 5.6 kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilà yẹn nìkan náà kò lè sọ pé Èkó, Ògùn, Ọ̀ṣun àti àwọn yòókù ń pọ̀ ní ìwọ̀n tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, èyí tó mú kí ipò Ọ̀yọ́ láàárín wọn dúró sójú kan.

Ìpín tún ní ìṣòro mìíràn tí ilà kò ní: ó lè yí padà láìjẹ́ pé ẹnì kan kúrò nílé rẹ̀. Ètò ìkànìyàn 2006 ka nǹkan bí mílíọ̀nù 9.1 ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ìjọba Èkó kò gbà, wọ́n ní iye tí àwọn kà fúnra wọn tó mílíọ̀nù 17.5. Bí a bá fi iye Èkó yìí rọ́pò ti ìjọba àpapọ̀, ìpín Ọ̀yọ́ á já láti 20 sí nǹkan bí 15 nínú ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ mílíọ̀nù 5.6 náà ni èrò Ọ̀yọ́ ṣì jẹ́. Ilà Ọ̀yọ́ kò ní yẹ̀ rárá. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí a kọ sí abẹ́ gíráàfù ìpín ohun tí odindi rẹ̀ jẹ́, iye tó jẹ́, àti ẹni tó kà á.

Ohun tí ègé kọ̀ọ̀kan dúró fún náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà nígbà méjèèjì. Ní 1991, a kò tíì dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀. Inú Oǹdó ló wà títí di ọdún 1996. Bí ẹnì kan bá kàn gbé Oǹdó 1991 ti Oǹdó 2006, á dà bí ẹni pé èrò Oǹdó dín kù, láti mílíọ̀nù 3.8 sí 3.5. Kò dín kù. Oǹdó àti Èkìtì pa pọ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 5.9 ní 2006, àpapọ̀ yìí ló sì yẹ kí a fi ṣe ègé kan. Àṣìṣe yìí kò fi ara hàn nínú àwòrán. Inú ìtàn àwọn ìpínlẹ̀ ni a ti ń rí i.

Ní ti ilà, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni àlàfo àárín ọdún. Ìkànìyàn gbogbo Nàìjíríà jẹ́ mílíọ̀nù 55.7 ní 1963, 89 ní 1991, àti 140.4 ní 2006. Àlàfo àkọ́kọ́ jẹ́ ọdún 28, èkejì jẹ́ 15. Bí a bá to ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ìsàlẹ̀ gíráàfù pẹ̀lú àlàfo kan náà, apá kejì ilà á ga ju ti àkọ́kọ́ lọ ní ìlọ́po kan àti ààbọ̀. Bí a bá wá fún ọdún kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀, apá kejì á yára gòkè ju ti àkọ́kọ́ lọ ní ìlọ́po tó sún mọ́ mẹ́ta, nítorí pé mílíọ̀nù 1.2 ló ń kún un lọ́dún tẹ́lẹ̀, ó sì wá di 3.4. Èyí ni òótọ́ ohun tí iye náà sọ. Wọ́n ka ènìyàn ní 1973 náà, ṣùgbọ́n ìjọba fagi lé èsì rẹ̀, nítorí náà kò sí àmì fún ọdún yẹn. Ó dára kí àwọn àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hàn gbàǹgbà lórí ilà, kí òǹkàwé mọ̀ pé ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ka ènìyàn, àti pé ìfojúbù ni ilà tó so wọ́n pọ̀. Ohunkóhun tó bá kọjá 2006 gbọ́dọ̀ jẹ́ ilà tí a gé sí wẹ́wẹ́.

Gíráàfù ọ̀pá náà lè fi ìyípadà hàn bí ìgbà tí a kà kò bá pọ̀. Ṣùgbọ́n gígùn ọ̀pá ni ojú ń wọ̀n, nítorí náà òdo ni ó gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀pá Ọ̀yọ́ bá bẹ̀rẹ̀ láti mílíọ̀nù mẹ́ta, ti 2006 á ga ní ìlọ́po márùn-ún ju ti 1991, bẹ́ẹ̀ kò tilẹ̀ tó ìlọ́po méjì.

Ọ̀pá tún wúlò fún ìpín nígbà tí ègé bá pọ̀ tàbí tí wọ́n bá jọra. Ní 2006, Ògùn kó 13.5 nínú ọgọ́rùn-ún èrò gúúsù-ìwọ̀-oòrùn, Oǹdó kó 12.5, Ọ̀ṣun 12.3. Nínú òbìrìkítí, kò sí ẹni tó lè sọ èyí tó tóbi jù nínú ègé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú ọ̀pá tí a tò láti orí èyí tó gùn jù, Ògùn á yọ lójú ẹsẹ̀, ìyàtọ̀ Oǹdó àti Ọ̀ṣun á sì hàn bó ti kéré tó. Ó le jù bẹ́ẹ̀ fún Ìjọba Ìbílẹ̀ Afijió, níbi tí Ìwàré, Fìdítì àti Ìlọrà wà. Nǹkan bí 134,000 ènìyàn ni wọ́n kà níbẹ̀ ní 2006. Nínú ìjọba ìbílẹ̀ 33 tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ìpín Afijió jẹ́ 2.4 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí kò tó dígírì mẹ́sàn-án. Bí a bá gé òbìrìkítí kan sí ọ̀nà 33, orúkọ Afijió kò tilẹ̀ ní rí àyè jókòó sí. Ọ̀pá 33 tí a tẹ́ ní ìbú, pẹ̀lú orúkọ kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á gbà á. Bí ìbéèrè bá sì jẹ́ ti Afijió nìkan sí gbogbo ìpínlẹ̀, ègé méjì péré ló kù, Afijió àti ìyókù Ọ̀yọ́. Níbẹ̀ ni òbìrìkítí tún ti wúlò, nítorí ojú á rí i kíá bí ègé náà ṣe tín-ín-rín tó.