Àtẹ̀gùn Ìtọ́jú fún Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn

Ọ̀rọ̀ wa ní alẹ́ yìí kì í ṣe ti wèrè, nítorí wèrè a máa fi ara rẹ̀ hàn ní gbangba. Àárẹ̀ tí àwa ń wí ni èyí tí ń jẹ ènìyàn nínú ilé láìsí ẹni tí ó mọ̀: ìrẹ̀wẹ̀sì tí kò lọ, àti àníyàn tí kì í jẹ́ kí a sùn. Ẹni tí ó ní i lè máa wí pé orí òun ń gbóná, tàbí pé nǹkan ń rìn lára òun.

Àwọn tí àárẹ̀ yìí ń bá jà pọ̀ ju èyí tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ wa lè tọ́jú, ọ̀nà láti ìhín dé ilé ìwòsàn Yábàá kò sì kúrú. Nítorí náà ni a fi ṣe ìtọ́jú rẹ̀ bí àtẹ̀gùn: a ó bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀, a ó sì gòkè bí ibẹ̀ kò bá tó. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gúrèjé ti Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò ní àwọn ilé ìlera kéékèèké, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2019. Lẹ́yìn ọdún kan, nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn aláìsàn ni ó gbádùn. Ṣùgbọ́n bákan náà ni ó rí níbi tí a kò ti lo àtẹ̀gùn, tí a kàn kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera láti dá àárẹ̀ náà mọ̀ kí wọn sì tọ́jú rẹ̀. Lójú tiwa, ojú tí ń ṣọ́ aláìsàn ṣe pàtàkì ju iye ìpele lọ.

Ìbéèrè mẹ́sàn-án ni a fi ń wọn àárẹ̀ náà, lórí ọ̀sẹ̀ méjì tí ó kọjá: oorun, oúnjẹ, ìbànújẹ́ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 3, àròpọ̀ rẹ̀ kò sì lè ju 27 lọ.

Ẹ jẹ́ kí a ro obìnrin kan tí ń yan ẹja tà létí òkun, tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn. Ó gba máàkì 8. Ní ìpele kìn-ín-ní, nọ́ọ̀sì kọ́ ọ ní ohun tí yóò máa ṣe fúnra rẹ̀: kí ó máa sùn kí ó sì máa jí ní àkókò kan náà, kí ó padà sí ẹgbẹ́ tí ó ti pa tì. Wọ́n dá ọjọ́ fún un, ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí ó padà dé, nọ́ọ̀sì béèrè àlàáfíà rẹ̀, ó ní, “A dúpẹ́.” Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Yorùbá kì í wí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n, máàkì rẹ̀ ti di 13.

Máàkì 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó ń gbé ènìyàn kúrò ní ìtọ́jú ara ẹni. Ó bọ́ sí ìpele kejì: ìpàdé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Wọ́n to àwọn olówó rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n mú ẹyọ kan, wọ́n sì pinnu ohun tí ó lè ṣe sí i kí ọjọ́ Jimọ̀ tó dé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó ṣì wà ní 12. Bí máàkì kò bá dín ní ìdajì ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí a tún wí pé kí ó ṣe sùúrù. Dókítà ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Akodo ni ó kàn. Dókítà yóò wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ kò tó ni, yóò sì fún un ní oògùn tí kì í tètè ṣiṣẹ́: ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kí ó tó mọ̀ ọ́n lára. Níbí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ti ń ju oògùn nù ní ọjọ́ kẹta. Bí ó bá lò ó dáadáa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí kò sì sàn, nígbà náà ni ó di ti oníṣègùn ọpọlọ.

Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí kì í gun àtẹ̀gùn. Ìbéèrè kẹsàn-án ń béèrè bóyá ènìyàn ti ro pé ikú sàn fún òun. Bí ìdáhùn bá ju 0 lọ, a ó bi í léèrè síwájú sí i ní ọjọ́ náà gan-an. Bí ó bá ti mọ ọ̀nà tí yóò gbà pa ara rẹ̀, a kò gbọdọ̀ fi òun nìkan sílẹ̀, a ó sì mú un dé ilé ìwòsàn. Ẹ má fi í pamọ́ nítorí ìbẹ̀rù ọlọ́pàá: láti 2011 ni òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti pàṣẹ pé kí ilé ẹjọ́ rán irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹni tí ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tàbí tí kò jẹ tí kò mu, kò gbọdọ̀ dúró ní ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó ti ní ìgbà kan rí tí kò sùn fún ọjọ́ púpọ̀, síbẹ̀ tí agbára rẹ̀ ń pọ̀ sí i, tí ó sì ń ná owó kiri. Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì nìkan lè tún gbé ìyẹn dìde.

Bí ara oníṣòwò ẹja wa bá wá yá, tí máàkì rẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ 5, kí ó má tíì dá oògùn dúró. Oṣù 9 sí 12 ni yóò fi lò ó sí i, lẹ́yìn náà ni dókítà yóò máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, tí nọ́ọ̀sì yóò sì tún máa fi ìbéèrè mẹ́sàn-án náà wọ̀n ọ́n.