Ọkàn, Ewu àti Ètò: Ohun Tí Dókítà Ń Kọ Lọ́jọ́ Tí Aláìsàn Ọkàn Kọ́kọ́ Dé

Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kò ju ojú ewé kan tàbí méjì lọ nínú fáìlì aláìsàn. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá kọ́kọ́ wá rí dókítà nítorí àìsàn ọkàn, dókítà á kọ bí ọkàn ẹni náà ṣe rí, ewu tó wà nílẹ̀, àti ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sí i. Tó bá kọ ọ́ tán, á gba ilé rẹ̀ lọ. Bí wàhálà bá dé lóru, ẹlòmíì tí kò rí aláìsàn náà rí ni yóò ṣí fáìlì ọ̀hún, ohun tó bá sì bá níbẹ̀ ni yóò fi ṣiṣẹ́.

Mo fẹ́ fi aláìsàn kan ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Mo ṣà á jọ láti ara irú àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa ni. Àgbẹ̀ kòkó ni, ẹni ọdún 52, láti abúlé kan nítòsí Oǹdó. Ìyàwó rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló mú un wá. Wọ́n ti tọ́jú ibà fún un lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ti gbàdúrà fún un, síbẹ̀ kò san. Orí ń gbóná, àyà ń já, nǹkan ń rìn lágbárí: ẹjọ́ tó rò nìyẹn. Kò mẹ́nu kan ìbànújẹ́ rárá.

Èyí kò gbọ́dọ̀ ya dókítà lẹ́nu. Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo àti Alexander Leighton pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe láàárín Yorùbá agbègbè Abẹ́òkúta, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1963, fi hàn pé àmì ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wà lára àwọn èèyàn wa dáadáa. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ dókítà òyìnbó ayé ìgbà náà ló gbà pé irú àìsàn yẹn ṣọ̀wọ́n lára ọmọ Áfíríkà. Ara ni ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ́kọ́ fi sọ ọ́. Nítorí náà, kí dókítà kọ ọ̀rọ̀ aláìsàn sílẹ̀ bó ṣe ti ẹnu rẹ̀ jáde gan-an. Tó bá yí "nǹkan ń rìn lágbárí mi" padà sí "orí fífọ́", ẹni tó bá ka fáìlì lẹ́yìn rẹ̀ á wá oògùn orí fífọ́ lọ.

Ní ti ọkàn, ohun méjì la máa ń kọ: ohun tí aláìsàn sọ nípa ara rẹ̀, àti ohun tí ojú dókítà rí. Bí ẹ bá bi bàbá yìí pé báwo ni nǹkan, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run" ni yóò fi dá yín lóhùn. Ọmọlúàbí ni, kò sì fẹ́ kẹ́dùn lójú ẹni tí kò mọ̀ rí. Mo ti rí fáìlì tí wọ́n ti tìtorí irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ kọ ọ́ pé ọkàn aláìsàn balẹ̀. Ìkíni ni wọ́n gbọ́, wọ́n wá kọ ọ́ bí èsì àyẹ̀wò. Ohun tí ojú rí lára bàbá yìí yàtọ̀ pátápátá: ó dorí kodò, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń falẹ̀, ìbéèrè kan á ti pẹ́ nílẹ̀ kó tó fèsì, omi sì bọ́ lójú rẹ̀ nígbà tí wọ́n dárúkọ owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ. Méjèèjì ló yẹ ká kọ, ká sì sọ pé wọn kò bára mu.

Lẹ́yìn náà ni ká béèrè nípa ìgbé ayé rẹ̀. Ìyàwó ní aago mẹ́ta òru ló ń jí, kì í sì í lè padà sùn. Okùn ló fi ń so ṣòkòtò báyìí nítorí ó ti rù. Kò lọ sípàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù mọ́, ayò tó fẹ́ràn kò sì wù ú ta mọ́ láti bí oṣù mẹ́ta. Wọ́n ka ìbéèrè mẹ́sàn-án PHQ-9 sí i létí ní Yorùbá, èyí tó ń béèrè nípa ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, ó sì gba 18 nínú 27. Iye yẹn wúlò torí pé a ó fi wé ti ìgbà tó bá padà wá, àmọ́ aago mẹ́ta òru àti okùn ṣòkòtò ló máa jẹ́ kí ẹni tó ka fáìlì mọ irú èèyàn tó wà níwájú rẹ̀.

Ibi tí ó kàn ni ewu, ibẹ̀ ni mo fẹ́ dúró lé jù. Gbólóhùn tó wọ́pọ̀ jù nínú fáìlì wa ni pé "kò ní èrò láti pa ara rẹ̀". Kò sí bí ẹni tó kà á ṣe lè mọ ẹni tó béèrè, bó ṣe béèrè, tàbí àwọn tó wà ní yàrá nígbà yẹn. Bí ìyàwó àti àbúrò bá jókòó tì í, kí lẹ fẹ́ kí bàbá sọ? Òfin náà wà tó ń pa èèyàn lẹ́nu mọ́: abala 327 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn wa fi ẹ̀wọ̀n ọdún kan sí ẹni tó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀. Mo gbà tọkàntọkàn pé òfin yẹn ń ṣe wá níbi, torí àwọn tó yẹ kó sọ̀rọ̀ ló ń dá dúró.

Nítorí náà, ẹ ní kí ará ilé jáde fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ wá rọra béèrè ní ìpele-ìpele. Bàbá, ǹjẹ́ ó ti ń ṣe yín bíi pé kí ẹ sùn kí ẹ má jí mọ́? Ǹjẹ́ ẹ ti rò ó pé kí ẹ fọwọ́ ara yín fòpin sí i? Ṣé ẹ ti ro bí ẹ ṣe máa ṣe é? Kí ló dá yín dúró? Ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù pé ìbéèrè yìí ló máa fi èrò náà sí aláìsàn lọ́kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ara máa ń tu èèyàn pé ẹnì kan béèrè. Bàbá yìí dákẹ́, lẹ́yìn náà ló sọ pé òun lọ sí abà lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun dúró wo oògùn kòkòrò tí òun fi ń fín kòkó, òun sì padà sílé nítorí òun rántí ọmọ òun tó kéré jù.

Gbogbo ìyẹn ló yẹ kó wọ fáìlì: ọ̀sẹ̀ tó kọjá, abà, oògùn kòkòrò tó ṣì wà níbẹ̀, ọmọ tó dá a dúró. Kí wọ́n kọ ọ́ pẹ̀lú pé kò gbìyànjú rẹ̀ rí, kì í mutí, kò gbọ́ ohùn kankan, kò sì ní ẹnikẹ́ni lọ́kàn láti ṣe ní ibi. Ìfẹ́ ọmọ àti ìgbàgbọ́ rẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́, ká kọ wọ́n, àmọ́ ká má fi wọ́n pa oògùn kòkòrò rẹ́. Àwọn kan fẹ́ ká kọ "ewu kékeré" tàbí "ewu ńlá" ká sì parí rẹ̀ síbẹ̀. NICE tó ń ṣètò ìlànà ìtọ́jú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé ní 2022 pé kí àwọn oníṣègùn má ṣe fi irú ìpín bẹ́ẹ̀ sọ ẹni tó máa pa ara rẹ̀ tàbí ẹni tó yẹ kó rí ìtọ́jú gbà. Mo fara mọ́ ọn. Ìpín yẹn kì í lè sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀, ewu sì lè yí padà láàárín ọjọ́ kan. Ohun tó wúlò ni ká kọ ohun tó lè mú kó le sí i: bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bá wá gba ìwé ilẹ̀ rẹ̀ nítorí gbèsè tó jẹ wọ́n, tàbí bí ìyàwó bá rìnrìn-àjò tó sì ku òun nìkan.

Ètò ló kù. Ọ̀nà tí mo fi ń yẹ ètò wò rọrùn: mo máa ń fi ìka tọ ewu kọ̀ọ̀kan, màá wá wò ó bóyá ìlà kan wà nínú ètò tó dá a lóhùn. Ètò tó sọ pé "kó bẹ̀rẹ̀ oògùn, kó padà wá lóṣù tó ń bọ̀" kò dá oògùn kòkòrò lóhùn rárá.

Ti bàbá yìí lọ báyìí. Ó gbà kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ abà fún àbúrò rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ pé ó gbà. Àbúrò yóò kó gbogbo oògùn kòkòrò lọ sí ilé tirẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, yóò tì í mọ́ kọ́kọ́rọ́, yóò sì pe nọ́ọ̀sì kan tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Tí ìpè kò bá dé títí aago mẹ́jọ alẹ́, nọ́ọ̀sì ni yóò pè é.

Lórí oògùn, amitiriputilíìnì ló wà ní sítọ́ọ̀, kò wọ́n, ó sì ń múni sùn. Ṣùgbọ́n ó léwu púpọ̀ fún ọkàn tó ń lù nínú àyà bí èèyàn bá lò ó kọjá ìwọ̀n, a kò sì ní gbé e lé ẹni tó ń ronú ikú lọ́wọ́. Fuluọsẹtíìnì 20 mílígíráàmù láàárọ̀ ni wọ́n yàn, ti ọjọ́ méje péré, ìyàwó ni yóò sì máa tọ́jú rẹ̀. Kí wọ́n tó kọ ọ́, wọ́n ti béèrè bóyá ìgbà kan ti wà rí tí ara rẹ̀ yá sódì, tí kì í sùn síbẹ̀ tí okun kò tán lára rẹ̀, torí irú oògùn yìí nìkan lè ti ẹni bẹ́ẹ̀ sínú wàhálà mìíràn. Wọ́n sọ fún bàbá àti ìyàwó pé ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kí ọkàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́, pé okun lè padà kí ìrònú náà tó lọ, nítorí náà ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló gba ìṣọ́ jù.

Wọ́n ní kó dúró ní wọ́ọ̀dù, ó ní òun fẹ́ wà nílé. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ fáìlì ti ń dákẹ́. Wọ́n ní láti kọ ìdí tí wọ́n fi gbà fún un: kò sí èrò láti ṣe é báyìí, ìyàwó àti àbúrò yóò máa bá a sùn, oògùn kòkòrò yóò ti kúrò. Wọ́n sì kọ ohun tó máa yí ìpinnu náà padà: tí ọ̀kankan nínú mẹ́ta yìí bá yẹ̀, wọ́ọ̀dù ni. Òfin Ìlera Ọpọlọ tí Ààrẹ Bùhárí fọwọ́ sí ní oṣù Ṣẹẹrẹ 2023 ti ṣètò bí gbígba èèyàn sílé ìwòsàn ṣe yẹ kó lọ, nítorí náà ìdí tó wà nínú fáìlì yìí kì í ṣe fún nọ́ọ̀sì òru nìkan.

Ọjọ́ keje ni yóò padà wá, aago mẹ́wàá àárọ̀. Tí kò bá yọjú títí ọ̀sán, nọ́ọ̀sì yóò pe ìyàwó, lẹ́yìn rẹ̀ àbúrò. Tó bá dé, ìbéèrè PHQ-9 yẹn náà ni wọ́n máa kà sí i. Wọ́n á bi í léèrè oorun aago mẹ́ta, wọ́n á ní kí ará ilé jáde díẹ̀, wọ́n á sì tún bi í nípa abà.