Bóòtù Kan, Ọ̀nà Mẹ́ta Tí Irin Lè Gbà Já

Lónìí a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa irin pẹlẹbẹ méjì tí a gbé etí wọn lé ara wọn, tí a sì fi bóòtù dè pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú iṣẹ́ kan wò. Oníṣòwò ìrẹsì kan fẹ́ so pẹpẹ kọ́ sókè nínú ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀. Irin mẹ́rin ni yóò gbé pẹpẹ náà àti àpò ìrẹsì 40. Àpò kan jẹ́ 50 kílò. Bí a bá to ẹrù náà dọ́gba, irin kọ̀ọ̀kan á gbé àpò 10, èyíinì ni 500 kílò. Bí a bá fi ìwúwo pẹpẹ kún un, ó di 550 kílò. Àwọn ènìyàn yóò sì máa kọjá lábẹ́ rẹ̀.

Irin náà kò gùn tó, nítorí náà wẹ́dà gbé ọ̀kan lé èkejì, ó sì fi bóòtù kan dè wọ́n. Irin náà nípọn 3 mìlímítà. Bóòtù náà nípọn 12 mìlímítà. Ẹ má ṣe fi nọ́ńbà sípánà pe bóòtù o! Sípánà 19 ni ó sábà ń tú bóòtù yìí, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò ju 12 lọ. Ihò rẹ̀ fẹ̀ ní 14 mìlímítà. Láti àárín ihò dé etí irin jẹ́ 15.

Ọ̀nà kìíní: irin méjèèjì lè gé bóòtù náà sí méjì, bí àlùmọ́gàjí ti ń gé aṣọ. Níbi tí tíréèdì wà, ojú ibi tí irin yóò gé lára bóòtù yìí jẹ́ mìlímítà onígun mẹ́rin 84. A ń jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé 8 kílò. 84 lọ́nà 8 jẹ́ 672 kílò. Ó ju 550 lọ. Bóòtù kò ní gé.

Ọ̀nà kejì: bóòtù lè tẹ ara ihò títí ihò á fi gùn bí ẹyin. Ẹ mú ìnípọn bóòtù, 12, lọ́nà ìnípọn irin, 3. Ó jẹ́ 36. Níhìn-ín a ń jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé 20 kílò. Ó di 720 kílò. Èyí náà tó.

Ọ̀nà kẹta ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé. Ẹ ti rí obìnrin tí a gún etí rẹ̀ sísàlẹ̀ jù, tí yẹtí wúwo sì fà á ya. Bẹ́ẹ̀ náà ni bóòtù ṣe ń fa etí irin ya. Àárín ihò sí etí irin jẹ́ 15. Ẹ yọ ìdajì ihò, 7, kúrò, ó ku 8. Irin yóò ya ní ẹ̀gbẹ́ méjì, nítorí náà ó jẹ́ 2 lọ́nà 8 lọ́nà 3, èyíinì ni 48. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gbé 8 kílò, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 384. Kò tó 550! Ibi tí ó rọ̀ jù lọ yìí ni agbára gbogbo ìsopọ̀ náà mọ.

Oníṣòwò lè ní, “Ẹ jẹ́ ká fi bóòtù ńlá sí i.” Ẹ jẹ́ kí a dán an wò. Bóòtù 16 ń fẹ́ ihò 18. 15 yọ 9 kúrò, ó ku 6. 2 lọ́nà 6 lọ́nà 3 jẹ́ 36. Lọ́nà 8, ó jẹ́ 288 kílò. Ó tún burú sí i! Bóòtù tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ pàápàá kò ràn án lọ́wọ́, torí pé irin ni yóò ya, kì í ṣe bóòtù.

Àtúnṣe rẹ̀ ni kí á gé irin mìíràn tó gùn díẹ̀ sí i, kí á lu ihò bóòtù 12 náà ní 30 mìlímítà sí etí irin, nínú irin méjèèjì. 30 yọ 7 kúrò, ó ku 23. 2 lọ́nà 23 lọ́nà 3 jẹ́ 138. Lọ́nà 8, ó jẹ́ 1,104 kílò. Nísinsìnyí bóòtù, 672, ni ó kéré jù, ó sì ju 550 lọ.

Àwọn nọ́ńbà 8 àti 20 yìí wà fún irin rírọ̀ lásán àti bóòtù tí a kọ 4.6 sí lórí, tí ẹrù rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́. A ti dín wọn kù sí ohun tí irin fi ń já. Bí ẹrù bá ń já lù ú, tàbí bí ènìyàn ni yóò gùn ún, ẹ lọ bá ẹnjiníà.

Lẹ́yìn tí ẹ bá kó ẹrù lé e, ẹ máa wò ó. Bí ihò bá gùn bí ẹyin, irin ń tẹ̀. Bí etí irin bá wú jáde níwájú bóòtù, ó ti ń ya. Bí ara bóòtù bá ní àkàsọ̀ níbi tí irin méjèèjì ti pàdé, ó ń gé. Èyíkéyìí tí ẹ bá rí, ẹ sọ ẹrù kalẹ̀ kí ẹ tó wádìí.