Ìbéèrè Kan Náà Lẹ́ẹ̀mẹ́ta: Ohun Tí Ó Ń Mú Ọ̀rọ̀ Ìfẹ́ Rú Lójú Ọ̀pẹ̀lẹ̀

 

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí dá lórí ẹni tí ó ń bi Ifá ní ìbéèrè kan náà nípa olólùfẹ́ rẹ̀, lónìí, lọ́la, lọ́túnla, títí ìdáhùn yóò fi bá ọkàn rẹ̀ mu. Ẹ̀bi tèmi náà wà nínú ìtàn tí mo fẹ́ fi ṣàlàyé rẹ̀, n kò sì ní fi í pamọ́.

Obìnrin kan, ẹni ọdún 31, tọ̀ mí wá. Ọkùnrin tí ó ń fẹ́ ẹ ti lọ sí òkè òkun, ó sì ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò ti pè é. Obìnrin náà sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí owó, ó gbé e kalẹ̀. Odù kan jáde. Tirẹ̀ ni odù náà, n kò ní dárúkọ rẹ̀ níhìn-ín. Mo fi ìbò bèèrè bóyá ire ni tàbí ibi, eegun ni ìbò mú: ibi ni. Mo bèèrè irú ibi tí ó jẹ́: kì í ṣe ikú, kì í ṣe àrùn, òfò ni. Mo kì í, mo ka ẹbọ fún un, mo sì sọ ìkìlọ̀ tí ó bá a rìn, pé kí ó má ṣe ju ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ohun tí ó ń retí. Ó dákẹ́, ó dúpẹ́, ó lọ.

Ní ọjọ́ kẹrin ó padà wá. Kò tíì rú ẹbọ. Ó ní kí n tún un dá, bóyá ojú Ifá yóò ti yí padà. Mo dá a. Odù mìíràn jáde, ìbò sì mú owó ẹyọ: ire ni. Inú rẹ̀ dùn fún ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà iyèméjì tún mú un, ó lọ bá awo mìíràn, òun náà rí odù tirẹ̀, ó ka ẹbọ tirẹ̀. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ mi lẹ́ẹ̀kẹta, mo mọ̀ pé kò yẹ kí n dá a. Ṣùgbọ́n ẹkún rẹ̀ ni mo wò, n kò wo iṣẹ́ mi. Mo gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀. Nígbà tí ó fi máa di ìrọ̀lẹ́, odù mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹbọ mẹ́rin, ibi méjì, ire méjì, kò sì sí ọ̀kan tí ó ṣe nínú wọn.

Kí ni ó da ọ̀rọ̀ náà rú? Ohun àkọ́kọ́ jẹ́ ìṣirò lásán. Ojú mẹ́jọ ni ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí, ó sì lè dojú dé. Ibẹ̀ ni a ti rí odù 256. Bí a bá tún un gbé lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀nà kan ṣoṣo nínú 256 ni a fi lè tún rí odù àkọ́kọ́. Nítorí náà, bí odù mìíràn bá jáde, kì í ṣe pé Ifá kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Bí irinṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn. Ní ti ìbò, ọ̀nà méjì ló ní, ẹyọ tàbí eegun. Bí ọ̀nà méjèèjì bá dọ́gba, tí ènìyàn sì bèèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọ̀nà mẹ́jọ ni ìdáhùn lè gbà tò. Nínú mẹ́jọ yìí, ẹyọ̀ kan ṣoṣo ni yóò jẹ́ eegun, eegun, eegun. Nínú méje tó kù, owó ẹyọ yóò yọjú ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ó bá ti pinnu pé òun kò ní dúró àfi bí ẹyọ bá yọjú, ó ti fúnra rẹ̀ yan ìdáhùn kí ó tó kúrò nílé.

Ẹnìkan lè wí pé, ṣé kì í ṣe àwa awo náà ni a máa ń bèèrè lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lórí ìjókòó kan? Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìbéèrè tiwa ń sọ̀ kalẹ̀ ni. A bèèrè ire tàbí ibi; bí ó bá jẹ́ ire, a bèèrè irú ire; lẹ́yìn náà, ohun tí a ó fi rúbọ. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ti ilẹ̀kùn kan, ó ṣí òmíràn. Ẹni tí ó tún ìbéèrè bi ń padà lọ ṣí ilẹ̀kùn tí Ifá ti tì.

Ohun kejì jẹ mọ́ èdè, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ mi kejì ti wúlò. Mo bi obìnrin náà pé kí ni ó sọ sí owó ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ó ní ọ̀rọ̀ kan náà ni. Nígbà tí ó rántí i dáadáa, kì í ṣe ọ̀kan náà. Ní àkọ́kọ́ ó ní, “Ǹjẹ́ ó ṣì fẹ́ mi?” Lẹ́ẹ̀kejì ó ní, “Ṣé yóò padà sọ́dọ̀ mi?” Lẹ́ẹ̀kẹta ó ní, “Nígbà wo ni yóò padà?” Ẹ kíyè sí i. “Ǹjẹ́” àti “ṣé” fi ààyè sílẹ̀ fún bẹ́ẹ̀ kọ́. “Nígbà wo” kò fi ààyè kankan sílẹ̀. Ó ti gbà pé ọkùnrin náà ń bọ̀, ọjọ́ nìkan ni ó ń wá. Odù yòówù kí ó jáde, ohun tí yóò gbọ́ ni pé ó ń bọ̀. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni a ń sọ ọ́ sí owó, awo kò ní mọ̀ pé ìbéèrè ti yí padà, àfi bí ó bá bèèrè lẹ́yìn tí ó ti kì í tán.

Kí ni kí a wá ṣe? Mo dá owó ìgbà kẹta padà fún un, a sì padà sí odù àkọ́kọ́, nítorí òun ni ó jáde kí ìfẹ́ inú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yan ìdáhùn. Mo ní kí ó kọ ọ́ sínú ìwé: ọjọ́ tí ó jáde, ìbéèrè bí ó ti sọ ọ́ gan-an, ibi òfò, ẹbọ, ìkìlọ̀. Mo ní a kò ní tún ọ̀rọ̀ náà dá àfi bí ẹbọ bá ti rú, tí ìtàdógún sì ti pé, tàbí bí ohun tuntun bá ṣẹlẹ̀ tí kò sí tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo bi í pé kí ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó fẹ́ jù sílẹ̀. Ìgbà náà ni ó tó sọ pé wọ́n fún òun ní iṣẹ́ ní Ìlọrin, òun kò sì fọwọ́ sí ìwé rẹ̀, kí ọkùnrin náà má bàa ránṣẹ́ pe òun lẹ́yìn tí òun bá ti dé ibẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún péré ló kù kí àyè náà bọ́. Òfò tí odù sọ wà nílẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ìbéèrè wa ni kò jẹ́ kí a rí i.

Ó rú ẹbọ lọ́jọ́ kejì. Ìbéèrè tí a wá gbé síwájú Ifá kì í ṣe ti ọkàn ẹlòmíràn mọ́, ti ẹsẹ̀ tirẹ̀ ni: “Bí mo bá gba iṣẹ́ yìí, ṣé ire ni fún mi?” Ìbò mú ẹyọ. Ẹ̀ẹ̀kan ni a bèèrè, a sì kó ọ̀pẹ̀lẹ̀ sápò. Ní ti ọkùnrin náà, mo sọ fún un pé ohun tí ẹnu lè dáhùn, kí a má gbé e lọ sórí ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ó kọ̀wé sí i, ó bèèrè ní tààrà. Ọkùnrin náà fèsì pé òun kò ní lè bá a lọ mọ́. Ó sunkún, ṣùgbọ́n ó fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ nígbà tí ó ku ọjọ́ kan.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹni tí ìfẹ́ ń dà láàmú kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu. Kò yẹ kí a retí rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ wa ni ọ̀pẹ̀lẹ̀ wà. Bí ó bá padà wá láìrúbọ, ẹ bi í léèrè odù àkọ́kọ́, kí ẹ má gbé òmíràn.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.