Lẹ́tà wẹ́bùsáìtì tuntun: ẹ sọ ohun tí kò yí padà bí ẹ ṣe ń sọ èyí tó yí padà

Ádímínì yín ló ń sọ̀rọ̀. Àwọn tí dátà wọn kò gbé fóìsì nóòtù, ohun tí mo sọ rèé tí wọ́n bá mi tẹ̀ sílẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹni mẹ́ta nínú wa ló bi mí ní ìbéèrè kan náà. Wọ́n ti ṣe wẹ́bùsáìtì tuntun, wọ́n wá fẹ́ mọ báwọn ṣe máa fi ímeèlì sọ ọ́ fún àwọn kọ́sítọ́mà tó ti ń rajà lọ́wọ́ wọn tipẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ṣe tèmi. Ẹ mọ̀ pé àńkárá àti ṣáàdà ni mò ń tà ní Kántìn Kwari. Àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ mi láti Yólà, Maidúgùrì, Sókótó àti Mínà, púpọ̀ nínú wọn ni a kò rí ojú ara wa rí. Orí wẹ́bùsáìtì ni wọ́n ti ń yan aṣọ, wọ́n á sanwó sí báńkì, ímeèlì ni wọ́n sì fi ń gba rìsíìtì.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀ rèé. Lẹ́tà tí ẹ fẹ́ kọ yìí àti lẹ́tà tí oníjìbìtì ń kọ, ìbejì ni wọ́n lójú kọ́sítọ́mà. Oníjìbìtì á ní, "A ti yí padà. Àdírẹ́sì wa tuntun rèé. Ẹ tẹ ibí, ẹ fi pásíwọ́ọ̀dù yín sí i. Àkáǹtì wa tuntun rèé." Ẹ̀yin náà fẹ́ sọ pé ẹ ti yí padà, pé kí wọ́n lọ síbì kan lọ lo pásíwọ́ọ̀dù. Kọ́sítọ́mà tójú ẹ̀ là á pa lẹ́tà yín rẹ́ láìkà á. Èyí tí kò fura á ṣí i, ṣùgbọ́n á ṣí ti oníjìbìtì náà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nítorí náà, iṣẹ́ méjì ni lẹ́tà yín ní: kó sọ ohun tó yí padà, kó sì fún kọ́sítọ́mà ní ọ̀nà tó fi máa mọ̀ pé ẹ̀yin gan-an ni.

Ọ̀nà tó dára jù tí mo mọ̀ ni pé kí ẹ sọ ohun tí kò yí padà, kí ẹ sọ ọ́ ketekete, kí ó wà nínú àkọlé ímeèlì náà gan-an. Owó ni oníjìbìtì ń wá. Tí kọ́sítọ́mà bá ti gbọ́ lẹ́nu yín pé nọ́ńbà àkáǹtì kò yí padà, ilẹ̀kùn tí olè máa gbà wọlé ti tì nìyẹn. Ìdí nìyí tí ẹ kò fi gbọ́dọ̀ yí wẹ́bùsáìtì àti àkáǹtì padà nínú lẹ́tà kan ṣoṣo. Tó bá di dandan kí ẹ yí àkáǹtì, ẹ jẹ́ kó tó oṣù kan sí i, kí ẹ kọ lẹ́tà rẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ sì pe kálukú lórí fóònù.

Ọ̀rọ̀ pásíwọ́ọ̀dù ló máa ń dà wọ́n láàmú jù. Wọ́n á ní, "Kí ló dé tí ti tẹ́lẹ̀ kò ṣiṣẹ́?" Wẹ́bùsáìtì tí wọ́n ṣe dáadáa kì í tọ́jú pásíwọ́ọ̀dù bí kọ́sítọ́mà ṣe tẹ̀ ẹ́. Ó máa ń lọ̀ ọ́ bí ẹní lọ ata ni. A mọ̀ pé ata ni, ṣùgbọ́n kò ṣeé kó padà di odidi mọ́. Tí wẹ́bùsáìtì tuntun bá ń lo ọlọ mìíràn, ata tí ti àtijọ́ lọ̀ kò wúlò fún un, kálukú ní láti yan òmíràn. Bó ṣe rí fún tèmi nìyẹn. Kí ẹ tó kọ lẹ́tà yín, ẹ bi ẹni tó ṣe wẹ́bùsáìtì fún yín bóyá pásíwọ́ọ̀dù àtijọ́ á ṣiṣẹ́ tàbí kò ní ṣiṣẹ́, kí ẹ má baà sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Lẹ́tà tèmi rèé. Gẹ̀ẹ́sì àti Haúsá ni mo fi kọ ọ́ sí wọn, Yorùbá ni mo fi ń kà á fún yín:

"Àkọlé: Wẹ́bùsáìtì wa máa yí padà lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Nọ́ńbà àkáǹtì wa kò yí padà.

Ẹ̀yin oníbàárà wa, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, orí wẹ́bùsáìtì tuntun ni ẹ ó ti máa yan aṣọ. Àdírẹ́sì rẹ̀ wà nísàlẹ̀ lẹ́tà yìí.

Ohun tó yí padà: àdírẹ́sì wẹ́bùsáìtì, àti pásíwọ́ọ̀dù yín. Ti àtijọ́ kò ní ṣiṣẹ́ lórí ti tuntun.

Ohun tí kò yí padà: nọ́ńbà àkáǹtì wa, nọ́ńbà fóònù wa, iye owó aṣọ, àti ṣọ́ọ̀bù wa. Ọjà tí ẹ ti sanwó rẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà bí a ṣe sọ.

Ohun tí ẹ ó ṣe: lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ẹ fọwọ́ ara yín tẹ àdírẹ́sì tuntun náà sínú fóònù. Ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ Forgot password sí. Ẹ fi ímeèlì yín yìí kan náà sí i. Lẹ́tà kan á wọlé sí yín, òun ni ẹ ó fi yan pásíwọ́ọ̀dù tuntun. Tí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ bá wọlé láìjẹ́ pé ẹ̀yin lẹ béèrè, ẹ má fọwọ́ kàn án.

A kò ní béèrè pásíwọ́ọ̀dù yín láé. Tí ọkàn yín kò bá balẹ̀, ẹ pe nọ́ńbà tó wà lórí rìsíìtì tí ẹ gbà kẹ́yìn."

Ó parí. Ẹ wò ó, mi ò kọ nọ́ńbà fóònù sínú lẹ́tà náà rárá. Rìsíìtì ti wà lọ́wọ́ wọn kí lẹ́tà tó dé, oníjìbìtì kò lè yí nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ padà. Mi ò sì fi bọ́tìnì "Ẹ tẹ ibí" sí i. Gmail lè sọ àdírẹ́sì náà di líǹkì fúnra ẹ̀, ṣùgbọ́n bọ́tìnì ló burú jù, torí pé kọ́sítọ́mà kò rí ibi tó ń gbé e lọ.

Ó wá kan fífi ránṣẹ́. Ímeèlì àtijọ́ tí wọ́n mọ̀ yín mọ́ ni kí ẹ fi kọ ọ́, ẹ má fi tuntun kọ ọ́. Ẹ fi í ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ẹ tún rán wọn létí láàárọ̀ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí èèyàn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, inú Bcc ni kí ẹ kó àdírẹ́sì wọn sí. Tẹ́ ẹ bá kó wọn sínú To, gbogbo wọn á máa rí ímeèlì ara wọn. Ẹni tẹ́ ẹ jọ ń tajà lè kó gbogbo kọ́sítọ́mà yín lọ, òfin ìdáàbòbò dátà ti Nàìjíríà tọdún 2023 kò sì gba irú ẹ̀ láàyè. Gmail ọ̀fẹ́ kì í gbà ju èèyàn 500 lọ lójúmọ́, tẹ́ ẹ bá kọjá á, ó lè dá yín dúró di wákàtí 24. Èmi ní 412. Mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí mẹ́wàá tí mo mọ̀ dáadáa, mo pè wọ́n, mo ní kí wọ́n ka ohun tí wọ́n rí fún mi. Lẹ́yìn náà ni mo ń fi ránṣẹ́ sí ọgọ́rùn-ún lójúmọ́, kí n lè ráyè gbé ìpè wọn.

Ohun kan tún wà. Lẹ́tà pásíwọ́ọ̀dù yẹn, láti orí wẹ́bùsáìtì tuntun ló ń wá, Gmail kò tíì mọ̀ ọ́n, ó lè jù ú sínú Spam. Ẹ dán an wò kí Mọ́ńdè tó dé. Ẹ béèrè pásíwọ́ọ̀dù fún ara yín, ẹ ṣí lẹ́tà náà lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ àmì tó-tó-tó mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ yan Show original. Ó yẹ kí ẹ rí PASS lẹ́gbẹ̀ẹ́ SPF àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ DKIM. Àwọn méjì yìí ni Gmail fi ń mọ̀ pé lẹ́tà ti ilé yín wá lóòótọ́. Tí ẹ kò bá rí PASS, ẹ dá iṣẹ́ padà fún ẹni tó ṣe é, kó tún un ṣe kí ẹ tó kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni.

Nínú 412 yẹn, 19 padà wá pẹ̀lú Address not found. Ímeèlì wọn ti kú, wọn kò sì lè gba lẹ́tà pásíwọ́ọ̀dù, torí náà mo pè wọ́n, mo gba tuntun lẹ́nu wọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo wo àwọn tí kò tíì wọlé, mo mú àwọn tó ń rajà jù nínú wọn, mo pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó dákẹ́ lè máà tíì rí lẹ́tà yín rárá.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì ni Hájíà kan láti Yólà pè mí. Owó àńkárá 680,000 náírà wà lọ́wọ́ ẹ̀ tó fẹ́ san. Ó ní lẹ́tà kan wọlé lórúkọ mi pé nítorí wẹ́bùsáìtì tuntun, àkáǹtì náà ti yí padà. Mo ní kó ka àdírẹ́sì tó fi wá fún mi lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Níbi tí m wà nínú tèmi, r àti n ni wọ́n tò síbẹ̀, tó bá ṣe tóńtó lójú fóònù, ẹ ó ní m ni. Hájíà kò rí ìyẹn o. Ohun tó jẹ́ kó pè ni pé ó rántí àkọlé lẹ́tà àkọ́kọ́, pé àkáǹtì kò yí padà. Rìsíìtì ló wò tó fi rí nọ́ńbà mi.

Èyí tó kù ni àdírẹ́sì àtijọ́. Ẹ má jù ú nù. Ẹ ní kí ẹni tó ṣe wẹ́bùsáìtì yín ṣètò ẹ̀ kó máa gbé èèyàn lọ sí tuntun fúnra ẹ̀. Tó bá jẹ́ orúkọ tí ẹ̀ ń sanwó ẹ̀ lọ́dọọdún ni, ẹ máa san án lọ. Bí ẹ bá dáwọ́ dúró, ẹlòmíràn lè rà á, kó jókòó sínú ilé tí àwọn kọ́sítọ́mà yín ṣì ń kan ilẹ̀kùn ẹ̀, kó máa gbowó lórúkọ yín. Owó ọdún kan ẹ̀ kò tó owó bọ́ńdù ṣáàdà kan.

Ẹni tó ti kọ lẹ́tà tiẹ̀, kó fi sínú gúrúùpù ká jọ kà á kó tó fi ránṣẹ́. Àmọ́ ẹ yọ nọ́ńbà àkáǹtì kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó gbé e síbí o.